Bí àkójọ òwò inú CRM yín ṣe lè máa sọ òtítọ́: àkọsílẹ̀, ìránnilétí àti ọjọ́ tí òwò máa parí

Ẹ ṣí àkójọ òwò tí ẹ ń lépa lórí CRM yín, ìyẹn sọ́fítíwíà tí ẹ fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ oníbàárà àti òwò, kí ẹ má tíì wo iye owó rárá. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí Close Date, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n retí pé òwò máa parí, ni kí ẹ wò. Ẹ ka iye òwò tí wọ́n fi ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù sí. Bí wọ́n bá ju ìdajì lọ, a jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ kò béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Sọ́fítíwíà ló béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Salesforce, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn CRM, kì í gba òwò tuntun wọlé láìsí Close Date, nítorí náà ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ wá sọ́kàn olùtajà ni yóò tẹ̀ síbẹ̀, yóò sì gbàgbé rẹ̀.

Ibẹ̀ ni irọ́ ti ń wọ inú àkójọ òwò. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fẹ́ purọ́. Ohun tí olùtajà ṣe àti ohun tí olùtajà ń retí ló kún ibẹ̀, ohun tí oníbàárà ṣe kò sì sí níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ìtọ́sọ́nà yìí dá lé nìyẹn: ìṣe oníbàárà ni kó máa sún òwò síwájú nínú CRM, kó máa yan ọjọ́ rẹ̀, kó sì máa pa á dé.

Òwò kan ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 12, gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ 60,000. Orúkọ tí Salesforce ń lò ni a ó máa pè, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Nínú HubSpot, tó jẹ́ CRM mìíràn, ohun tí Salesforce ń pè ní Opportunity ni wọ́n ń pè ní Deal, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kọ ọ̀rọ̀ oníbàárà sílẹ̀ kí wákàtí kan tó kọjá

Lẹ́yìn ìpè fóònù tàbí ìpàdé, ẹ ṣí ojú ewé òwò náà, kí ẹ tẹ Log a Call. Ojú ewé òwò ni mo wí o, kì í ṣe ti ènìyàn nìkan. Bí ẹ bá kọ ọ́ láti ojú ewé ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ rí i pé àlàfo Related To ní orúkọ òwò náà. Àìṣe èyí ló ń fà á tí òwò kan fi máa ń dà bí ẹni pé ó ti kú, nígbà tó jẹ́ pé ìpè mẹ́fà wà lórí orúkọ ẹni tó gbé fóònù.

Ohun mẹ́rin péré ló yẹ kó wà nínú àkọsílẹ̀ náà: ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ipò rẹ̀, ohun tó sọ gan-an, ohun tí òun ṣèlérí pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, àti ohun tí ẹ̀yin ṣèlérí pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹ wo àkọsílẹ̀ méjì lórí ìpè kan náà. Èkíní kà báyìí: «Mo pè wọ́n, ó dára, wọ́n nífẹ̀ẹ́ sí i. Màá tún pè.» Èkejì kà báyìí:

«11/8. Mo bá ọ̀gá tó ń bójú tó rírà ohun èlò sọ̀rọ̀. Ó ní: “Méje ti bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ méjìlá tá a ní. A fẹ́ kí tuntun ti máa ṣiṣẹ́ kí oṣù kẹsàn-án tó parí.” Ìgbìmọ̀ ìnáwó ló máa fọwọ́ sí i, ọjọ́ 8 oṣooṣù ni wọ́n ń jókòó. Òun yóò fi orúkọ alága ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ 14. Èmi yóò fi ìwé iye owó ránṣẹ́ ní ọjọ́ 13.»

Àkọsílẹ̀ kejì kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí a ó nílò nínú ìgbésẹ̀ tó kù ti wà nínú rẹ̀. Èkíní kò ní ohunkóhun tí ẹlòmíràn lè fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ pàápàá kò ní lè lò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tí a fi sínú àmì àyọlò. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu oníbàárà. «A fẹ́ kó ti máa ṣiṣẹ́» àti «a ń wò ó bóyá» kò jọra rárá, àmọ́ «ó nífẹ̀ẹ́ sí i» ni olùtajà máa ń kọ fún méjèèjì.

Ní ti ímeèlì, ẹ má ṣe máa dà á kọ. Salesforce àti HubSpot ní àdírẹ́sì àkànṣe tí ẹ lè fi sí BCC, ímeèlì náà yóò sì wọ inú àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá sì so àpótí ímeèlì yín mọ́ CRM pátápátá, ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ìkéde tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà lè kà bí ìbánisọ̀rọ̀. Ìdáhùn tí ẹ̀rọ fi ń sọ pé «mo wà ní ìsinmi» náà lè kà bẹ́ẹ̀. Òwò tí oníbàárà kò dáhùn láti oṣù méjì yóò wá máa dán bí ẹni pé ó wà láàyè.

Àlàfo Last Activity pàápàá ní ibi tó ti ń tan ènìyàn jẹ. Ọjọ́ tí ẹ ṣe iṣẹ́ kọ́ ló ń gbé jáde. Due Date iṣẹ́ tí ẹ ti parí tàbí ọjọ́ ìpàdé tó wà lórí kàlẹ́ńdà ló ń gbé jáde, èyí tó bá pẹ́ jù lọ nínú wọn. Bí iṣẹ́ kan bá yẹ ní ọjọ́ 2, tí ẹ wá ṣe é ní ọjọ́ 20, tí ẹ kàn sàmì pé ó ti parí láìyí ọjọ́ rẹ̀ padà, ọjọ́ 2 ni Last Activity yóò máa sọ. Ẹ yí Due Date sí ọjọ́ tí ẹ ṣe é gan-an kí ẹ tó pa á dé.

Ìgbésẹ̀ kejì: má ṣe kúrò lójú ewé náà láìsí iṣẹ́ tó ní ọjọ́ iwájú

Log a Call ń sọ ohun tó ti kọjá. Kò ní rán yín létí ohunkóhun. Ìránnilétí wà lọ́wọ́ New Task, àwọn méjèèjì ló sì yẹ kí ẹ ṣe ní ìjókòó kan náà. Òfin tó wúlò jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí kò gùn: òwò tí kò tíì parí gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ kan tó kù láti ṣe, iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ní ọjọ́. Bí ẹ bá wá ohun tí ẹ máa kọ tì, ó ṣeé ṣe kí òwò náà má sí láàyè mọ́.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìṣe bẹ̀rẹ̀ àkọlé iṣẹ́ náà, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. «Tẹ̀ lé e» kò tó. Nínú àpẹẹrẹ wa, iṣẹ́ mẹ́ta ló jáde láti inú ìpè kan. Èkíní ni «Fi ìwé iye owó ẹ̀rọ 12 ránṣẹ́», ọjọ́ 13. Èkejì ni «Béèrè orúkọ alága ìgbìmọ̀ bí kò bá tíì dé», ọjọ́ 15. Ẹ̀kẹta ni «Pè láti mọ ohun tí ìgbìmọ̀ sọ», ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án, ìyẹn ọjọ́ kejì ìjókòó wọn. Kò sí èyí tí a fi ọjọ́ rẹ̀ sí bó ṣe wù wá. Inú ọ̀rọ̀ tí ẹ bá oníbàárà sọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, òun náà kò sì ní rí ìpè yín bí ìyọlẹ́nu nígbà tó bá dé.

Ohun tó ń ba ìránnilétí jẹ́ ni kí wọ́n pọ̀ jù. Bí ogójì iṣẹ́ tí ọjọ́ wọn ti kọjá bá wà lójú yín ní àárọ̀, ojú yín yóò mọ́ àwọ̀ pupa náà lára, ẹ kò sì ní rí èyí tó ṣe pàtàkì mọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá gbọ́dọ̀ rí ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú: kí ẹ ṣe é, kí ẹ yí ọjọ́ rẹ̀ padà kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀, tàbí kí ẹ pa á rẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ bá ti sún síwájú lẹ́ẹ̀mẹ́ta ti ń sọ nǹkan fún yín. Yálà kò ṣe pàtàkì, tàbí ẹ ń sá fún ìdáhùn tí ẹ mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ẹ pè lọ́jọ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ̀rí ni kó máa gbé òwò láti ìpele kan sí òmíràn

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ìpele kọ̀ọ̀kan tó bá Salesforce dé ní ìdá tirẹ̀, ìyẹn bó ṣe ṣeé ṣe tó pé òwò náà máa di títà: Qualification jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, Proposal/Price Quote jẹ́ 75, Negotiation/Review jẹ́ 90. HubSpot náà ní tirẹ̀, Contract sent jẹ́ 90. Ẹ ka orúkọ yẹn dáadáa. «A ti fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́.» Ta ló ránṣẹ́? Olùtajà ni. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì lórí ímeèlì ti sọ owó tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni di ìdá 90.

Ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń tajà, kí ẹ kọ ẹ̀rí kan ṣoṣo fún ìpele kọ̀ọ̀kan, kó sì jẹ́ ohun tí oníbàárà ṣe tàbí tó sọ. Fún òwò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa, ó lè rí báyìí. Òwò kò gbọdọ̀ dé Qualification àfi tí oníbàárà bá ti sọ ìṣòro rẹ̀, tó sì ti sọ ẹni tó máa fọwọ́ sí owó. Kò gbọdọ̀ dé Proposal/Price Quote nítorí pé a fi ìwé iye owó ránṣẹ́, bí kò ṣe nígbà tí oníbàárà bá dáhùn pé ó ti wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ máa jíròrò. Negotiation/Review túmọ̀ sí pé ìgbìmọ̀ ti gbà, ó ku ohun tí a ó fẹnu kò lé lórí. Closed Won, ìyẹn òwò tó ti di títà, dúró de ìwé àṣẹ ìrajà tí wọ́n fọwọ́ sí, kì í ṣe ìlérí lórí fóònù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rí náà le tó, ẹ bi ara yín pé: ṣé ẹni tí kò mọ oníbàárà yìí rí lè ka àkọsílẹ̀, kó sì fẹnu kò pẹ̀lú mi lórí ìpele tó wà? Bó bá jẹ́ rárá, ẹ dá a padà sí ìpele tó ṣáájú. Kò sí ìtìjú nínú kí òwò padà sẹ́yìn. CRM gbà á láyè.

Ìdá tó bá sọ́fítíwíà dé kì í ṣe tiyín. Ẹ fi ìtàn òwò tiyín rọ́pò rẹ̀. Ẹ kó òwò tó ti dé Proposal/Price Quote rí, tó sì ti parí pátápátá, ìbáà jẹ́ èrè tàbí òfo. Ká ní ó jẹ́ 40, tí 14 nínú wọn sì di títà. 14 lórí 40 jẹ́ ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Pẹ̀lú ìdá 75, òwò wa tó jẹ́ 60,000 ń kà bí 45,000 nínú owó tí ẹ ń retí. Pẹ̀lú ìdá 35, ó ń kà bí 21,000. Ìyàtọ̀ 24,000 yẹn lè mú kí ẹ gba òṣìṣẹ́ tàbí kí ẹ ra ọjà sílẹ̀ lórí owó tí kò ní dé. Ẹ má ka òwò tó ṣì ń lọ mọ́ ìṣirò yìí, torí a kò tíì mọ ibi tí yóò já sí. Bí òwò tó ti parí kò bá sì tó ogún, ẹ mọ̀ pé ọ̀kan tàbí méjì lè yí ìdá náà padà gan-an, kí ẹ má gbára lé e jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ka Close Date láti ẹ̀yìn wá síwájú

Close Date ni ọjọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, kì í ṣe ọjọ́ tí a máa kó ẹrù dé. Oníbàárà wa fẹ́ kí ẹ̀rọ ti máa ṣiṣẹ́ kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ìyẹn ọjọ́ 30. Gbígbé e wá àti títò ó gba ọjọ́ 12. Ẹ yọ 12 kúrò nínú 30, ó ku 18. Ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ ti ní ìfọwọ́sí ní ọjọ́ 18. Oníbàárà ní láti ìgbà tí ìgbìmọ̀ bá ti gbà, ọjọ́ mẹ́wàá ni ọ́fíìsì wọn fi ń ṣètò ìwé. Ẹ yọ 10 kúrò nínú 18, ó ku 8. Ọjọ́ 8 gan-an sì ni ìgbìmọ̀ ń jókòó.

Nítorí náà, Close Date wa ni ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án. Ìṣirò náà tún sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa: kò sí ọjọ́ kan péré tó ṣẹ́ kù. Bí olùtajà bá ti kọ ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, irọ́ ni láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ìjókòó ìgbìmọ̀ kankan láàárín ìpè ọjọ́ 11 àti ìgbà yẹn. Bí ọ̀rọ̀ wa kò bá sì wọlé ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, ìjókòó tó tún kàn jẹ́ ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá, Close Date yóò sì di ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá. Òwò náà kò lè sún síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan. Odindi oṣù ni yóò fi sún. Ẹ fi ìṣirò yìí han oníbàárà. Ó sábà máa ń jẹ́ ohun tó ń mú kí wọ́n yára fi orúkọ alága ránṣẹ́.

Nígbàkígbà tí ẹ bá yí Close Date padà, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí àlàfo Next Step. Salesforce ń tọ́jú Stage History lójú ewé òwò, ó sì ń fi hàn bí ìpele, iye owó àti ọjọ́ ṣe ń yí padà. Òwò tí ọjọ́ rẹ̀ ti kúrò nínú oṣù kan sí òmíràn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ìpele rẹ̀ kò sì yí, kí ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú owó tí ẹ ń retí títí oníbàárà yóò fi fúnra rẹ̀ sọ ọjọ́ tuntun.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìmọ́tótó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó. Ẹ ṣètò List View mẹ́ta, ìyẹn àkójọ tó ń ṣa òwò jáde, fún Opportunity, kí Closed jẹ́ False nínú gbogbo wọn. Àkọ́kọ́ ń wá òwò tí Close Date rẹ̀ kéré sí TODAY. Èkejì ń wá èyí tí Last Activity rẹ̀ ti kọjá ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ̀kẹta ń wá èyí tí Last Activity rẹ̀ ṣófo. Ẹ má fo ẹ̀kẹta yìí, torí òwò tí ẹnikẹ́ni kò kọ ohunkóhun sí rí lè sá mọ́ èkejì lọ́wọ́.

Ẹni tó ń ṣàkóso Salesforce yín lè fi òfin kan kún un ní Setup, Object Manager, Opportunity, Validation Rules:

```
AND(
  NOT(IsClosed),
  CloseDate < TODAY()
)
```

Òfin yìí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́jú òwò tó ṣì ń lọ pẹ̀lú ọjọ́ tó ti kọjá. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ènìyàn tàbí ètò mìíràn bá tọ́jú òwò náà nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Òwò tí ọjọ́ rẹ̀ kọjá nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án yóò wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, ìdí nìyẹn tí List View àkọ́kọ́ fi ṣe dandan. Òfin náà tún lè dí ètò mìíràn tó ń kọ nǹkan sínú òwò fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ tún gbogbo ọjọ́ tó ti gbó ṣe kí ẹ tó tan òfin náà.

Ẹ má ṣe kún òfin bẹ́ẹ̀ lọ títí. Bí ẹ bá sọ àlàfo mẹ́wàá di dandan, àmì ìdánudúró kan ṣoṣo ni ẹ máa bá nínú mẹ́fà lára wọn, torí ẹni tó ń kánjú yóò tẹ ohunkóhun tí yóò jẹ́ kí Save gbà. Ọjọ́, ìpele àti Next Step ti tó.

Òwò tó bá kú, ẹ pa á dé sí Closed Lost lọ́jọ́ yẹn kan náà, pẹ̀lú ìdí tí oníbàárà fẹnu ara rẹ̀ sọ. Bí kò bá dáhùn rárá, ẹ kọ «kò dáhùn», ẹ má kọ «owó pọ̀ jù» láti fi bo ohun tí ẹ kò mọ̀. Ọ̀gá ní ipa tirẹ̀ níbí. Bó bá ń jágbe mọ́ ẹni tó bá kọ Closed Lost, àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa fi òkú òwò pamọ́ sí Qualification, àkójọ náà yóò sì máa ga bí owó kò tilẹ̀ wọlé. Ìbéèrè tó dára lẹ́nu ọ̀gá ni: «Kí ni oníbàárà ṣe láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?»

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án, ìránnilétí wa dún. Oníbàárà ní alága kò wá, wọn kò jókòó. Ohun tí a ṣe kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. A kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. A fi Stage sílẹ̀ níbi tó wà, ní Proposal/Price Quote, nítorí ọ̀rọ̀ wa ṣì wà lára ohun tí wọ́n máa jíròrò. A yí Close Date sí ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá, a kọ «ìgbìmọ̀ kò jókòó, alága kò wá» sí Next Step, a sì ṣẹ̀dá iṣẹ́ méjì: ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá láti béèrè bóyá alága máa wà níbẹ̀, àti ọjọ́ 9 láti gbọ́ èsì. 21,000 kúrò nínú owó tí a ń retí ní oṣù kẹsàn-án lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì kù kí oṣù náà tó parí.